Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nígbà tí báńkì bá ń fèsì sí àhesọ owó kọ́ǹtù

Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣiṣẹ́ fífèsì sí àwọn oníbàárà báńkì kan níbí, ní Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Kò sí ohun tí mo fèsì sí tó àhesọ owó tí wọ́n ní báńkì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nínú kọ́ǹtù (ohun tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní àkáǹtì). Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àṣìṣe tí mo fẹ́ kà yìí, ọwọ́ mi ni wọ́n ti wá.

Má ṣe fi àhesọ fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ èsì. Mo ti kọ ọ́ rí báyìí pé: «Ṣé òótọ́ ni pé láti ìparí oṣù yìí, a ó máa yọ 1.000 fáráńkì nínú kọ́ǹtù yín lóṣooṣù? Rárá o!» Ó dùn létí mi lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ kejì ni ìyá kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Wàǹdó na fóònù rẹ̀ sí mi. Ọ̀rọ̀ tèmi ni wọ́n yà ní àwòrán, àmì báńkì wà lókè rẹ̀ gbangba, ṣùgbọ́n wọ́n ti gé e kù síbi «lóṣooṣù». «Rárá» ti lọ. Ẹ̀rí tí ẹni tó dá àhesọ sílẹ̀ kò ní, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ fún un.

Láti ìgbà náà, òótọ́ ni mo máa ń fi ṣíwájú, kí gbólóhùn àkọ́kọ́ lè dá dúró bí wọ́n bá tilẹ̀ gé ìyókù dànù: «Ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú kọ́ǹtù ìfowópamọ́ ní báńkì wa.» Lẹ́yìn náà ni mo wá ń sọ pé ohùn kan ń kiri lórí Wàsáàpù, pé kì í ṣe tiwa. N kì í tún iye tí àhesọ náà dá kọ. Bákan náà, ẹ jẹ́ ká fi àwòrán àhesọ tí a fi pupa kọ «Èké» lé lórí sílẹ̀. Lórí fóònù kékeré, àhesọ náà ni ojú ń rí, pupa yẹn a kàn dà bí ọ̀ṣọ́.

Àṣìṣe tó tóbi jù, tó sì tì mí lójú jù, ni gbólóhùn yìí: «Kò sí owó tuntun kankan.» Ọ̀rọ̀ tó kúrú ni, ọ̀gá fẹ́ràn rẹ̀, ó sì lè jẹ́ òótọ́ lójú ìwé. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí àhesọ 1.000 fáráńkì yẹn ń jà, màmá kan láti Kétu kọ̀wé sí wa pé wọ́n ti yọ 500 nínú owó òun, kí la wá ń sọ pé kò sí owó tuntun? Mo tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún un: «Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, kò sí owó tuntun kankan.» Kò tó wákàtí kan tí àwọn mẹ́wàá mìíràn fi dé, gbogbo wọn ń sọ 500 kan náà. Nígbà tí mo wá yẹ ìwé wò, mo rí i. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí wọ́n wá ṣí kọ́ǹtù, wọ́n tẹ̀ka sí ìwé kan tó ní kí báńkì máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn lórí fóònù ní gbogbo ìgbà tí owó bá wọlé tàbí jáde. Ọ̀fẹ́ ni fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, lẹ́yìn èyí, 500 lóṣù. Oṣù kẹrin ló pé yìí.

Fún báńkì, owó náà kì í ṣe tuntun, ó ti wà nínú ìwé tipẹ́. Lójú màmá Kétu, àná ni wọ́n kọ́kọ́ yọ ọ́, nítorí náà tuntun gan-an ni. Ibẹ̀ ni «tuntun» ti pa wá. Kí ènìyàn tó kọ ọ́ pé kò sí, kí ó kọ́kọ́ bi àwọn tó wà ní gíṣẹ́, ibi tí a ti ń dá oníbàárà lóhùn nínú báńkì, pé: kí ni ẹ̀rọ yọ nínú kọ́ǹtù àwọn ènìyàn lóṣù yìí tí kò yọ lóṣù tó kọjá? Bí ìdáhùn bá wà, òun ni kí ó wà nínú èsì, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, iye rẹ̀, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, àti bí ẹni tí kò fẹ́ ẹ ṣe lè fagi lé e.

Ẹ má sì da oríṣi kọ́ǹtù pọ̀. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 2014 ni BCEAO, báńkì àgbà tó ń ṣe owó fáráńkì wa, ti pàṣẹ pé kí báńkì má gba owó lórí iṣẹ́ 19 kan. Ṣíṣí kọ́ǹtù wà nínú rẹ̀, àti ìtọ́jú kọ́ǹtù ìfowópamọ́ oníwèé, àti fífi owó pamọ́, àti gbígba owó ní gíṣẹ́ tàbí nídìí ẹ̀rọ báńkì tí ènìyàn ń lò. Ṣùgbọ́n kọ́ǹtù ṣẹ́ẹ̀kì tí oníṣòwò ń lò ń san owó ìtọ́jú, owó orí ìjọba sì lè gun orí rẹ̀. Bí a bá wá kọ «ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú kọ́ǹtù» láìsọ èyí tí à ń wí, oníṣòwò Ṣábẹ́ tó rí owó ìtọ́jú nínú ìwé kọ́ǹtù rẹ̀ yóò pè wá ní òpùrọ́, kò sì ní jẹ̀bi.

Ti ààlà náà wà níbẹ̀. Èdè kan náà là ń sọ pẹ̀lú Èkó àti Abẹ́òkúta, ohùn tí wọ́n bá gbà sílẹ̀ níbẹ̀ láàárọ̀ lè dé Kétu kí ó tó di ọ̀sán. Nígbà tí báńkì àgbà Nàìjíríà yí owó ìlò ẹ̀rọ ìgbowó padà láti ọjọ́ 1 oṣù kẹta ọdún 2025, tó di 100 náírà lórí 20.000 tí ènìyàn bá gbà, fún ẹni tó bá lo ẹ̀rọ tó wà ní ọgbà báńkì mìíràn, àwọn oníbàárà wa bẹ̀rẹ̀ sí í bi wá bóyá àwọn náà yóò san án. Àṣìṣe ni kí a pe irú ìyẹn ní irọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé wa. Ohun tí mo kọ ni pé: «Náírà ni ẹ gbọ́ nínú ohùn yẹn. Òfin Nàìjíríà kò dé orí kọ́ǹtù yín ní Bẹ̀nẹ̀.» Ó parí síbẹ̀.

Ẹ má ṣe sọ fún oníbàárà níta gbangba pé kí ó kọ nọ́ńbà kọ́ǹtù rẹ̀ wá. Mo rí i tí gbájúẹ̀ kan fi orúkọ tó jọ tiwa dá ẹnìkan lóhùn kí n tó dé, tó ní kí ó fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì ránṣẹ́ kí wọ́n lè dá 500 náà padà fún un. Ẹ ní kí ó wá sí gíṣẹ́.

Ní ti màmá Kétu, n kò pa èsì àkọ́kọ́ rẹ́, bó tilẹ̀ wù mí. Abẹ́ rẹ̀ ni mo kọ ọ́ sí, pẹ̀lú ọjọ́: «Ohun tí mo sọ lókè kò pé. 500 tí ẹ rí, owó àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù ni. Bí ẹ kò bá fẹ́ ẹ mọ́, ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ yín wá, ẹ ó buwọ́ lu ìwé kan, kò ní wáyé lóṣù tó ń bọ̀.» Ó dáhùn pé òun kò fẹ́ ẹ mọ́, nítorí ọmọ òun ló ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà fún òun, tí ọmọ náà sì fi ń mọ ọjọ́ tí owó wọlé.