Àwọn àṣìṣe tí ayálégbé máa ń ṣe nígbà tí owó ilé kò bá pé

Bàbá mi fi ilé kan sílẹ̀ fún wa ní ọ̀nà Ìjọ̀kà, ní Àkúrẹ́. Ìdílé méje ló ń gbé inú rẹ̀, èmi sì ni àwọn àbúrò mi ní kí n máa gba owó ilé. Kó tó di pé mo ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn, èmi náà ti yá ilé gbé rí ní Òkè-Àró, mo sì mọ bí àyà ṣe máa ń já tí ọdún ilé bá ti ń pé bọ̀ tí ọwọ́ ò sì dán. Nítorí náà, mi ò kọ èyí láti bá ẹnikẹ́ni wí. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń wá bẹ̀ mí kì í ṣe onírọ́ rárá, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ wọn kalẹ̀ ló máa ń mú kí onílé kà wọ́n sí onírọ́.

Ìdákẹ́jẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ ba nǹkan jẹ́. Ayálégbé á ti mọ̀ láti oṣù kan sẹ́yìn pé owó ò ní pé, á máa yọ́ gba ẹ̀yìnkùlé jáde láàárọ̀, á pa fóònù, títí ọjọ́ á fi kọjá. Ohun tí kò mọ̀ ni pé onílé ti fi owó yẹn ṣètò. Owó ilé tiwa, òun la fi ń san owó ilé-ìwé àbúrò mi tó kẹ́yìn, òun náà la fi ń tún páànù ṣe kí òjò tó dé. Tí mo bá gbọ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, mo lè yí ètò mi padà, mo sì lè fi sùúrù gbọ́ ẹni náà. Tó bá jẹ́ lẹ́yìn tí ọjọ́ ti kọjá ni, ẹjọ́ ló máa ń dà bíi pé ó wá rò. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ́jẹ́ǹtì tàbí kẹ̀ẹ́tékà ló ń gba owó lọ́wọ́ yín, ẹ sọ fún un, ṣùgbọ́n ẹ rí i dájú pé ọ̀rọ̀ náà dé etí onílé gan-an. Mo ti rí ibi tí kẹ̀ẹ́tékà ti gbé ọ̀rọ̀ mì, tí onílé sì gbà pé ayálégbé ń ṣojú fúrú ni.

Àṣìṣe tó tẹ̀ lé e ni ìtàn gígùn tí kò ní iye owó, tí kò ní ọjọ́. Arákùnrin kan tó ń ṣe fèrèsé alumíníọ́mù wà nínú ilé wa. Owó ilé rẹ̀ jẹ́ ₦300,000 lọ́dún, ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ló sì máa ń pé. Ní oṣù kejì ọdún kan, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí Wọ́sáàpù ní nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún ló fi sọ̀rọ̀. Ó sọ ti ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá, ó sọ ti iná tí kò sí, ó sọ ti ọjà tó gbówó lórí, ó wá ní, «Àǹtí, ẹ ṣáà máa fojú sọ́nà, láìpẹ́ Ọlọ́run á ṣe é.» Òótọ́ ni gbogbo ohun tó sọ, mo mọ ọmọ náà. Ṣùgbọ́n «láìpẹ́» kì í ṣe ọjọ́, mi ò sì gbọ́ iye kankan. Gbólóhùn kan péré ló yẹ kó gbé ohun tó ṣẹlẹ̀: kọntirakítọ̀ kan tó ṣe fèrèsé fún jẹ ẹ́ ní ₦180,000, kò sì tíì san án. Gbólóhùn yẹn kò tiẹ̀ sí nínú gbogbo ohun tó sọ lóru ọjọ́ náà, ìgbà tí mo pè é láàárọ̀ ni mo tó gbọ́. Òun gan-an ló sì fi hàn pé ìṣòro náà máa kọjá, pé kì í ṣe pé agbára rẹ̀ ò ká ilé náà mọ́.

Nígbà tí mo ní kó sọ iye tó lè san, ó bọ́ sínú àṣìṣe tó léwu jù lọ, ìyẹn ìlérí ńlá. Ó ní òun á san ₦100,000 ní ìparí oṣù kẹta, ₦100,000 ní oṣù kẹrin, ₦100,000 ní oṣù karùn-ún. Ó dùn létí. Ayálégbé kan ti ṣèlérí bẹ́ẹ̀ fún mi rí, oṣù kan péré ló lè mú un ṣẹ, láti ìgbà náà kò sì lè wò mí lójú mọ́ títí tó fi kó lọ. Ẹ̀rù onílé ló ń fa irú ìlérí yìí: èèyàn á rò pé tí òun bá dárúkọ owó kékeré, wọ́n á lé òun. Àmọ́ owó kékeré tó ń wọlé lọ́jọ́ tí a dá ló ń fi onílé lọ́kàn balẹ̀.

Mo ní kó mú ìwé tó ń kọ iṣẹ́ rẹ̀ sí wá. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá kànga, a wo oṣù mẹ́fà tó ti kọjá. Ó ti ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun ń rí ₦150,000 lóṣù. Lóòótọ́, oṣù méjì wà tó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lóṣù tó burú jù, lẹ́yìn tó ti ra alumíníọ́mù àti gíláàsì, tó sì ti yọ owó ṣọ́ọ̀bù, ₦95,000 ló kù. Oṣù tó burú jù yẹn ni kí ẹ fi ṣírò, ẹ má fi èyí tó dára jù ṣe é. Oúnjẹ, iná àti owó ilé-ìwé ń gba ₦60,000 lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá ku ₦35,000. A fi ₦5,000 sílẹ̀ nítorí àìsàn tàbí àlejò òjijì. ₦30,000 ló lè san lóṣù, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Owó kọntirakítọ̀ ńkọ́? A ò kà á mọ́ ọn. Owó tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn kò yẹ kó wà nínú ètò rárá, bí ẹni náà tiẹ̀ búra. Bákan náà ni fún àwọn àgbẹ̀ kòkó tó ń yá ilé gbé nígboro: kí àgbẹ̀ má ṣèlérí oṣù keje nígbà tó jẹ́ pé láti oṣù kẹwàá lọ ni èyí tó pọ̀ nínú kòkó máa ń wọlé. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó sì mọ̀ pé owó oṣù kì í bọ́ sí ọjọ́ kan náà, kó dá ọjọ́ tó máa tẹ̀ lé e dáadáa, kó má dá ọjọ́ tó ń retí owó gan-an.

Ó ní ₦70,000 lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn, a ní kó san ₦60,000 lọ́jọ́ tí owó ilé bá pé. Kí ẹ má wá bẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ òfo, tó bá ṣeé ṣe. Ìyókù jẹ́ ₦240,000, ìyẹn ₦30,000 lẹ́ẹ̀mẹjọ, láti oṣù kẹrin dé oṣù kọkànlá.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń pa ìwé dé, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà ọdún tó ń bọ̀ fara pa mọ́ sí. Tó bá parí ní oṣù kọkànlá, oṣù mẹ́ta péré ló kù kí ₦300,000 mìíràn tó pé. Oṣù mẹ́ta lọ́nà ₦30,000 jẹ́ ₦90,000. Gbèsè tuntun á tún bẹ̀rẹ̀, onílé á sì sọ pé ó ti di àṣà rẹ̀. Nítorí náà, inú ìbẹ̀bẹ̀ àkọ́kọ́ yìí ni kí ẹ ti sọ̀rọ̀ nípa ọdún tó ń bọ̀. Ohun tí a fẹnu kò sí ni pé kó máa san ₦75,000 ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. ₦90,000 yẹn á gbé ti àkọ́kọ́, ₦30,000 oṣooṣù á sì máa gbé ìyókù. Kì í ṣe gbogbo onílé ló máa gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó sàn kí ẹ gbọ́ «rárá» nísinsìnyí tí ẹ ṣì ráyè wá ilé tó rọjú ju kí ẹ gbọ́ ọ lójijì.

Ohun tó kọ ránṣẹ́ nígbẹ̀yìn nìyí:

«Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Owó ilé mi, ₦300,000, máa pé ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta. Ẹni tí mo ṣiṣẹ́ fún kò tíì san ₦180,000 tó jẹ mí, ìyẹn ni kò jẹ́ kó pé. Mo máa san ₦60,000 lọ́jọ́ náà. Ìyókù, ₦240,000, mo máa fi ₦30,000 ránṣẹ́ sí àkáǹtì yín ní ọjọ́ 5 oṣù kọ̀ọ̀kan, láti oṣù kẹrin dé oṣù kọkànlá. Tí owó tó jẹ mí bá wọlé, mo máa mú ₦90,000 nínú rẹ̀ wá láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ti ọdún tó ń bọ̀, mo bẹ̀ yín kí n máa san ₦75,000 ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Tí ẹ bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ sí i.»

Ìdajì gbèsè kọntirakítọ̀ ló fi sí i, nítorí tó bá kó gbogbo rẹ̀ wá, kò ní rí owó ra ọjà, iṣẹ́ á sì dúró.

Ẹ má fi òfin ṣíde ọ̀rọ̀. Òótọ́ ni pé onílé kò gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ ti ilẹ̀kùn pa tàbí kó ká páànù, kóòtù ló gbọ́dọ̀ gbà lọ. Ẹni tó ń san owó lọ́dọọdún, tí ìwé àdéhùn rẹ̀ ò bá sọ iye mìíràn, oṣù mẹ́fà ni ìwé kúrò-nílé rẹ̀, kí ìwé ọlọ́jọ́ méje tí onílé fi ń sọ pé òun ń lọ sí kóòtù tó tẹ̀ lé e. Ẹ mọ̀ ọ́n sínú. Ṣùgbọ́n tí onílé bá ti fún yín níwèé kúrò-nílé tẹ́lẹ̀, ẹ bi í léèrè kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá ó dá ìwé náà dúró, torí pé gbígbà tó ń gba owó díẹ̀díẹ̀ kò túmọ̀ sí pé ó ti fagi lé e.

Owó gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí. Tó bá jẹ́ tránsífà, ẹ kọ «owó ilé, oṣù kẹrin» sí i. Tó bá jẹ́ lọ́wọ́, ẹ gba rìsíìtì tí iye tó kù wà lórí rẹ̀. Tí oṣù kan bá sì fẹ́ yẹ̀, ẹ sọ kó tó di ọjọ́ náà, kí ẹ san èyí tó bá wà. Ní oṣù karùn-ún, arákùnrin yìí pè mí lọ́jọ́ kẹta, ó ní ₦20,000 ló wà, pé ₦10,000 á dé ní ọjọ́ kejìlá. Ọjọ́ kọkànlá ló dé.

Ní oṣù keje, kọntirakítọ̀ san gbèsè rẹ̀. Arákùnrin náà mú ₦90,000 wá pẹ̀lú ₦30,000 oṣù náà, ó wá ku ₦30,000 péré. Oṣù kẹjọ ni mo kọ rìsíìtì tó kẹ́yìn fún un, mo fi gègé pupa kọ «ó parí» sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi sáàárín Bíbélì.