Bí mo ṣe gba lẹ́tà dọ́kítà fún oògùn màmá mi kí wọ́n tó wọ bàálù

Màmá mi fẹ́ lọ lo oṣù 2 lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Lọ́ńdọ̀nù, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sì wà ńlẹ̀, ti ṣúgà ń bẹ, tìràmádọ́ọ̀lù tí dọ́kítà kọ fún wọn torí ẹ̀yìn náà ń bẹ. Ìkẹta yẹn gan-an ló gbé mi sáré, torí oògùn tí wọ́n ń ṣọ́ ni, níbí àti lọ́hùn-ún. Lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, tí èyí téèyàn kó dání ò bá tó ti oṣù 3, lẹ́tà dọ́kítà ti tó, ṣùgbọ́n tó bá ti tó oṣù 3 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó di kẹ́ẹ tọrọ láísẹ́ǹsì.

Mo da gbogbo oògùn náà sórí tábìlì. Hmm! Kẹ́mísìtì àdúgbò ti gé káàdì sí wẹ́wẹ́ kó sínú náílọ́ọ̀nù, ìlà bíírò 2 nìkan ni wọ́n fà sí i lára, kò sí orúkọ oògùn, kò sí orúkọ màmá. Ta ló fẹ́ mọ ohun tó jẹ́? Mo bá gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta oògùn ní ọsibítù lọ, mo ní kí wọ́n fún wa ní odindi páálí, kí wọ́n lẹ lébẹ́ẹ̀lì mọ́ ọn: orúkọ màmá bó ṣe wà nínú páásípọ́ọ̀tù, orúkọ oògùn, bí wọ́n ṣe máa lò ó.

Ìgbà tí lébẹ́ẹ̀lì ti wà ńlẹ̀ ni mo tó lọ bá dọ́kítà. Lẹ́tà tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ pe oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní Nọ́fásìkì 10 mílígíráàmù, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Ohun tó wà lára páálí ni amulódípíìnì 5 mílígíráàmù, lébẹ́ẹ̀lì sì ní hóró 2 láràárọ̀. Oògùn kan náà ni o, ìwọ̀n ẹ̀ náà ò yàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó dúró sí bọ́dà ò ka ìwé oògùn, ohun tójú ẹ̀ bá rí ló máa fi ṣèdájọ́. Mo ní, “Dọ́kítà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi kọ ọ́ bó ṣe wà lára páálí.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tún un tẹ̀.

Ti tìràmádọ́ọ̀lù ni wọ́n fara balẹ̀ kọ jù: kápúsù 50 mílígíráàmù, 1 láàárọ̀, 1 lálẹ́, fún ọjọ́ 60, àpapọ̀ 120. Wọ́n kọ àìsàn tí wọ́n ń lò ó fún, ìlú tí màmá ń lọ, ọjọ́ àtilọ àtàtibọ̀, wọ́n wá buwọ́ lù ú, wọ́n lu òǹtẹ̀, nọ́ńbà fóònù wọn sì wà lókè ìwé.

Dùbáì tó pọ́ọ́kú là bá gbà, àmọ́ ìjọba ibẹ̀ fẹ́ kéèyàn ti gba àṣẹ sílẹ̀ lórí tìràmádọ́ọ̀lù kó tó débẹ̀, la bá kúkú ra tíkẹ́ẹ̀tì tó ń lọ tààrà.

Inú báàgì ọwọ́ ni gbogbo ẹ̀ wà, lẹ́tà wà pẹ̀lú wọn. Ní Ìkẹjà, ọmọ NDLEA kan fa páálí yọ, ó ka káàdì 12, oníkápúsù mẹ́wàá mẹ́wàá, ó wo 120 tó wà nínú lẹ́tà, ó wo páásípọ́ọ̀tù, ó ní, “Màmá, ẹ máa lọ.”