Bí mo ṣe to àtẹ lọ́gífírémù fún iṣẹ́ omi mímu ilé 600

Àjọ wa fẹ́ tọrọ owó ìrànwọ́ fún iṣẹ́ oṣù 18. Ilé 600 ni iṣẹ́ náà wà fún, kànga tí kò ní ìdérí ni wọ́n sì ń fà omi nínú rẹ̀. A fẹ́ kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe máa fi kilorínì sí omi nílé kí wọ́n tó mu ún, kí ìgbẹ́ gbuuru lè dín kù lára àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Èmi ni wọ́n gbé àtẹ lọ́gífírémù rẹ̀ fún, ìyẹn àtẹ tó ń fi ohun tí iṣẹ́ kan fẹ́ ṣe hàn, àti bí a ó ṣe mọ̀ pé ó yọrí. Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe tò ó, pàápàá ibi tí àmújáde ti pàdé àbájáde, nítorí ibẹ̀ ni irú àtẹ yìí ti máa ń dúró dáadáa tàbí kó wó.

Ọdún 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe àtẹ yìí fún àjọ USAID ti ìjọba Amẹ́ríkà, ìrísí rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti ìgbà náà. Òpó mẹ́rin ló ní. Èkíní ń sọ ohun tí a fẹ́, èkejì ni atọ́ka tí a ó fi mọ̀ pé ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́, ẹ̀kẹta ni ibi tí ẹ̀rí yóò ti wá. Ẹ̀kẹrin ni àwọn ohun tí kò sí níkàáwọ́ wa, ṣùgbọ́n tó gbọ́dọ̀ rí bí a ṣe rò kí iṣẹ́ tó yọrí. Ní ti ìlà, àfojúsùn gíga ló wà lókè pátápátá, àbájáde tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà àmújáde, lẹ́yìn náà iṣẹ́ ṣíṣe. Abẹ́ iṣẹ́ ṣíṣe ni ohun àmúlò máa ń wà: òṣìṣẹ́, ọkọ̀, irinṣẹ́ àti owó.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó máa bá àwọn ará ilé ṣiṣẹ́ ti kọ ohun tí wọ́n lérò sílẹ̀ dè mí. Lábẹ́ àbájáde, wọ́n kọ pé “Ilé 600 ti gba ẹ̀kọ́ lórí ìtọ́jú omi” àti pé “Ìgò kilorínì 600 ti dé ọwọ́ àwọn èèyàn.” Iṣẹ́ gidi ni méjèèjì, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó jẹ́ àbájáde nínú wọn. Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń bi gbólóhùn kọ̀ọ̀kan: ta ló ń ṣe é? Bó bá jẹ́ àwa là ń ṣe é lọ́wọ́, iṣẹ́ ṣíṣe ni. Bó bá jẹ́ ohun tí iṣẹ́ wa fi sílẹ̀ ní kété tó parí, tí wọ́n lè mú wa sí tí kò bá sí níbẹ̀, àmújáde ni. Bó bá jẹ́ pé àwọn tí a ń ṣiṣẹ́ fún ló ń ṣe é fúnra wọn nígbà tí a kò sí lọ́dọ̀ wọn, àbájáde nìyẹn.

Mo fi ìbéèrè yìí tún gbogbo rẹ̀ tò. Kíkọ́ni àti pínpín ìgò àkọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ sí ìlà iṣẹ́ ṣíṣe. Àmújáde wá di méjì péré. Àkọ́kọ́ ni pé nínú ilé kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan ó kéré tán mọ bí a ṣe ń wọn kilorínì tó yẹ sínú omi láìsí pé ẹnikẹ́ni ń tọ́ ọ sọ́nà. Èkejì ni pé ìsọ̀ 12 tó sún mọ́ àwọn ilé náà ń ta kilorínì nígbà gbogbo. Àbájáde jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo: àwọn ilé ń mu omi tí wọ́n ti fi kilorínì tọ́jú. Mo kọ̀ láti fi èkejì kún un. Àtẹ tó bá ní àbájáde mẹ́ta sábà máa ń jẹ́ iṣẹ́ mẹ́ta tí wọ́n dì sínú àpò kan, ó sì máa ń ṣòro láti mọ àmújáde tó ń gbé èyí tàbí ìyẹn ró.

Orí atọ́ka àbájáde ni mo pẹ́ sí jù. Ẹlẹgbẹ́ mi kan dábàá “ìpín àwọn ilé tó sọ pé àwọn ń fi kilorínì sí omi.” Ó rọrùn láti wọ̀n, kò sì ná wa ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹni tí a ti kọ́ lẹ́kọ̀ọ́, tí a sì fún ní ìgò lọ́fẹ̀ẹ́, kò ní fẹ́ sọ fún wa lójú pé òun kò lò ó. Omi fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ kó jẹ́rìí. Kilorínì tí a fi sí omi kì í tán nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀ máa ń ṣẹ́kù, ó sì ṣeé wọ̀n. Olùbẹ̀wò yóò ní kí wọ́n bu omi tí wọ́n ń mu fún òun, yóò dà á sínú ìgò gíláàsì kékeré, yóò sọ kóró oògùn àyẹ̀wò kan sí i. Bí kilorínì bá wà níbẹ̀, omi náà yóò di pupa rẹ́súrẹ́sú. Bó bá ṣe pupa tó ni kilorínì tó wà níbẹ̀ ṣe pọ̀ tó, yóò sì fi wé àwọ̀ tó wà lára káàdì tí wọ́n tẹ nọ́ńbà sí. Mílígíráàmù 0.2 nínú lítà kan ni ìwọ̀n tó kéré jù tí wọ́n ń fẹ́ kó ṣì wà nínú omi inú ilé títí di wákàtí 24 lẹ́yìn tí wọ́n ti tọ́jú rẹ̀.

Nítorí náà, bí mo ṣe kọ atọ́ka náà nìyí: “Ìpín àwọn ilé, nínú ọgọ́rùn-ún, tí kilorínì tó ṣẹ́kù nínú omi mímu wọn tó mílígíráàmù 0.2 nínú lítà kan, nígbà àbẹ̀wò tí a kò sọ tẹ́lẹ̀.” Kò sí “yóò pọ̀ sí i” nínú rẹ̀, kò sì sí iye tí a fẹ́ dé. Atọ́ka ń sọ ohun tí a ó wọ̀n nìkan. Ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀ àti ìwọ̀n tí a fẹ́ dé ní àyè tiwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí gbólóhùn kan náà lè bá wa lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. A ti yẹ omi ilé 30 wò kí a tó kọ ìwé. 2 péré ló ní kilorínì nínú. Mo kọ 7 sí ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀, mo sì fi hàn pé fún ìgbà díẹ̀ ni, títí a ó fi wọn àwọn ilé púpọ̀ sí i. Mo kọ 55 sí ìwọ̀n òpin.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ dé orí ohun àmúlò, ibi tí ọ̀pọ̀ kì í wò mọ́ tí wọ́n bá ti kọ atọ́ka tán. Mélòó nínú ilé 600 ni a ó yẹ̀ wò? Ìṣirò tí mo lò nìyí, n ni iye ilé tí a ó yẹ̀ wò, N ni iye gbogbo ilé, e sì ni àṣìṣe tí a lè fara mọ́, ìyẹn 5 nínú ọgọ́rùn-ún:

```
n = N / (1 + N × e²)
n = 600 / (1 + 600 × 0.05²) = 240
```

Ilé 240, lẹ́ẹ̀mejì, ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní òpin, jẹ́ kóró oògùn àyẹ̀wò 480. Olùbẹ̀wò kan lè ṣe ilé 12 lóòjọ́, nítorí náà olùbẹ̀wò 4 yóò lo ọjọ́ 5 nígbà kọ̀ọ̀kan. Kò sí kóró kan tàbí owó iṣẹ́ olùbẹ̀wò kan nínú ìwé ìnáwó tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀. Ká ní a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, à bá ní atọ́ka tó dára tí kò sẹ́ni tó lè wọ̀n ọ́n. Mo kọ wọ́n sínú ohun àmúlò, mo sì tún òpó ẹ̀rí kọ. “Ìròyìn àjọ” tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Mo kọ ẹni tí yóò wọ̀n, oṣù tí yóò wọ̀n, àti ibi tí ìwé àkọsílẹ̀ yóò wà.

Mo fi atọ́ka kejì ti àbájáde lẹ́yìn: iye ìgò tí ìsọ̀ 12 náà ń tà lóṣù, láti ìgbà tí a bá ti dá fífúnni lọ́fẹ̀ẹ́ dúró. Ìgò kan máa ń tó ilé kan lò fún nǹkan bí oṣù kan. Bí ilé 55 nínú ọgọ́rùn-ún bá ń lò ó lóòótọ́, ilé 330 nìyẹn, ó sì yẹ kí ìgò tí wọ́n ń tà lóṣù súnmọ́ 330. Bí àyẹ̀wò omi bá sọ 55, tí ìsọ̀ sì sọ pé ìgò 90 làwọn tà, á jẹ́ pé ìròyìn àbẹ̀wò ti jò dé etí àwọn ará ilé, tàbí pé ìgò ọ̀fẹ́ ṣì ń jáde láti ibì kan. Àwọn atọ́ka méjèèjì ń ṣọ́ ara wọn.

Òpó kẹrin ló kù. Ohun tó lè dínà láàárín mímọ̀ ọ́n ṣe àti ṣíṣe é gan-an ló yẹ kó wà ní ìlà àmújáde. Mẹ́ta ni mo kọ: pé ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe kilorínì kò ní dáwọ́ dúró, pé òórùn rẹ̀ kò ní lé àwọn èèyàn sá, àti pé omi kànga kò ní rú. Mo wá yẹ̀ wọ́n wò níkọ̀ọ̀kan bí ó ṣe ṣeé ṣe tó. Ti ilé-iṣẹ́ àti ti òórùn ṣeé ṣe kó rí bí a ṣe fẹ́, ni mo bá fi wọ́n sílẹ̀. Ti omi tó rú kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà òjò, kànga tí kò ní ìdérí yóò rú ni, ẹrẹ̀ àti ìdọ̀tí inú rẹ̀ yóò sì ti gba kilorínì tán kó tó kan kòkòrò àrùn. Ohun tí a mọ̀ pé yóò kùnà kò lè wà nínú òpó kẹrin bí ẹni pé a ń retí oore. Mo yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, mo sọ ọ́ di iṣẹ́ ṣíṣe: kíkọ́ àwọn ilé láti jẹ́ kí omi silẹ̀, kí wọ́n sẹ́ ẹ pẹ̀lú aṣọ mímọ́, kí wọ́n sì fi ìlọ́po méjì kilorínì sí èyí tí kò bá mọ́ gaara.

Ní ti àfojúsùn gíga, n kò ṣe ìlérí nọ́ńbà kankan lórí ìgbẹ́ gbuuru. Oúnjẹ àti ọwọ́ tí a kò fọ̀ náà ń fà á, ọwọ́ wa kò sì dé ibẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí.

Nígbà tó kún, mo kà á sókè láti ìsàlẹ̀ létí gbogbo wa: bí a bá kọ́ wọn tí a sì ran àwọn ìsọ̀ lọ́wọ́, wọn yóò mọ̀ ọ́n ṣe, wọn yóò sì rí i rà, bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n ṣe tí wọ́n sì rí i rà, tí òórùn rẹ̀ kò lé wọn sá, wọn yóò máa lò ó. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi dá mi dúró níbi “rí i rà.” Wọ́n ní rírí i lórí àtẹ ìsọ̀ yàtọ̀ sí níní owó rẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo fi iye owó tí agbára ilé ká kún òpó kẹrin, mo sì fi bíbéèrè iye tí ilé lè san kún àbẹ̀wò ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó yẹ ìwé wa wò ní ọ̀dọ̀ àjọ olówó béèrè ìdí tí a kò fi kọ 90. Mo ṣàlàyé pé ọjọ́ yòówù tí olùbẹ̀wò bá dé, yóò bá ilé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pọnmi tí kò tíì fi nǹkan sí i, yóò sì bá ilé tí ìgò rẹ̀ tán lánàá. Ó gbà á, ó sì ní kí a fi ìwọ̀n àárín kan sí oṣù 9. Mo kọ 30 síbẹ̀, mo sì padà sí ìlà ohun àmúlò láti sọ kóró 480 di 720, kí n sì fi ọjọ́ 5 míràn kún ti olùbẹ̀wò mẹ́rin náà.