Ọjọ́ orí àti kílò: ẹ wo méjèèjì

Kí ẹ tó bu parasitamọ́ọ̀lù olómi fọ́mọ, ẹ wo oṣù rẹ̀ lára páálí, kí ẹ sì wọn ọmọ náà. Ẹ̀dọ̀ ìkókó kò tíì gbó tó láti tètè palẹ̀ oògùn mọ́, ó máa ń pẹ́ lára rẹ̀, ìdí nìyẹn tí kílò nìkan kò fi tó. Ṣùgbọ́n bí páálí bá ní kí ọmọ oṣù mẹ́wàá mu mílílítà 5 (mílígíráàmù 120), tọ́mọ yín sì rù, tó jẹ́ kílò 6 péré, mílígíráàmù 15 fún kílò kan já sí 90, ìyẹn bíi mílílítà 3.7. Èyí tó kéré jù ni kí ẹ fún un, sírínjì ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta ò sí nínú ìṣirò yìí o: bí ara rẹ̀ bá gbóná, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀.