Bí a ṣe ń mọ ìgbà tí owó ọkọ̀ ojú irin máa ń wálẹ̀ ní Ìlú Ọba

Títí di ìparí oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ẹni tó bá fẹ́ wọkọ̀ ojú irin láti Edinburgh lọ sí Glasgow ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, tó sì fẹ́ padà, £32.60 ló máa san. Ẹni tó bá jẹ́ kí èrò òwúrọ̀ lọ tán, £16.80 péré ni tirẹ̀. Ojú irin kan náà ni, irú ọkọ̀ kan náà sì ni. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ìjọba Skọ́tílándì fòpin sí ìyàtọ̀ yìí lórí ọkọ̀ ScotRail, owó kékeré yẹn sì ni gbogbo èèyàn ń san níbẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà ṣì wà ní England, ẹni tí kò bá sì mọ bí wọ́n ṣe ń ka wákàtí lè san ìlọ́po méjì láìnídìí.

Kí ló fà á? Ọkọ̀ tí yóò gbé èrò aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ń wá, òun náà ló sì ń gba awakọ̀ sílẹ̀ fún. Tó bá fi máa di aago mẹ́wàá, púpọ̀ nínú ọkọ̀ wọ̀nyẹn ti padà síbi ìgbọ́kọ̀sí, ibẹ̀ ni wọ́n á sì wà títí di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Ìlú Ọba ló sì jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n ń háyà ọkọ̀ wọn. Owó háyà ò dúró nítorí pé ọkọ̀ dúró. Èrò òwúrọ̀ ló ń ru ìnáwó yẹn. Ní ọ̀sán, ọkọ̀ tó bá máa rìn yóò rìn bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdajì àga inú rẹ̀ ṣófo, nítorí náà èrè ni owó tó bá wọlé lórí àga tí ì bá ṣófo.

Ẹni tó gbọ́dọ̀ débi iṣẹ́ ní aago mẹ́sàn-án ò lè dúnàádúrà. Ẹni tó ń lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè lọ ní aago mọ́kànlá, ó lè gbé mọ́tò rẹ̀ jáde, ó sì lè jókòó sílé. Òun ni wọ́n ń fi ẹ̀dínwó fà. Skọ́tílándì dán an wò kí wọ́n tó fòpin sí i: láti oṣù Kẹwàá 2023 dé oṣù Kẹsàn-án 2024, wọ́n gbé owó gíga kúrò. Èrò pọ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdá 6.8 nínú ọgọ́rùn-ún ni àfikún náà mọ, bẹ́ẹ̀ ìdá 10 ló yẹ kó jẹ́ kí ètò náà tó lè gbọ́ bùkátà ara rẹ̀. Èyí fi hàn pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń san owó gíga ni yóò wọkọ̀ náà bó ti wù kó rí.

Lórí ìrìn àjò tó jìn, nǹkan kan tún wà níbẹ̀ tí àwọn èèyàn kì í sábà fiyè sí. Ìjọba ló ń fi ààlà sí iye tí tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àtàbọ̀ Off-Peak, ìyẹn ti ìgbà tí owó bá wálẹ̀, lè fi gbówó lórí lọ́dún, ṣùgbọ́n Anytime ọ̀nà jíjìn, ìyẹn tíkẹ́ẹ̀tì olówó gíga tó ṣeé lò nígbàkígbà, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń dá iye lé e. Ìdí nìyẹn tí àlàfo àárín méjèèjì fi lè fẹjú gan-an.

Ó wá ku wákàtí, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wà. Kò sí aago kan tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń lò. Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, owó á wálẹ̀ lẹ́yìn aago 9:30 ní àwọn ìlú ńlá, lẹ́yìn aago 9:00 níbòmíràn, àti ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, Sọ́ńdè àti ọjọ́ ìsinmi ìjọba. Ẹ má gbára lé e. Tíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀, àmì olóòkà méjì ni wọ́n sì fi ń pè é, yálà lẹ́tà méjì tàbí nọ́ńbà àti lẹ́tà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí àlàyé tíkẹ́ẹ̀tì Off-Peak tó wà lójú fóònù yín, ẹ wá àmì náà, kí ẹ fi rọ́pò XX níbí:

```
nationalrail.co.uk/XX
```

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó wò ni bóyá ìgbà tí ọkọ̀ ṣí ni wọ́n ń kà àbí ìgbà tó dé. Tí òfin bá sọ pé ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù ṣáájú aago 10:00, ẹni tó wà ní ìlú tó jìn ní wákàtí méjì ààbọ̀ lè wọkọ̀ aago 7:35, kó sì san owó kékeré, nígbà tí ará ìlú tó sún mọ́ tòsí ṣì ń dúró. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ti àbọ̀, nítorí òfin rẹ̀ lè yàtọ̀ pátápátá. Ìrọ̀lẹ́ ni wàhálà àwọn tó ń kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù wà. Aago tí wọ́n kọ sínú ìwé àkókò sì ni wọ́n ń kà. Bí ọkọ̀ aago 9:26 bá pẹ́, tó jẹ́ aago 9:40 ló ṣí, ọkọ̀ olówó gíga náà ni lójú ẹni tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò.

Tí kò bá sí ọgbọ́n tí ẹ fi lè dúró, ẹ lè gé ìrìn àjò náà sí méjì. Ẹ jẹ́ ká fi owó àfiṣàpẹẹrẹ ṣírò rẹ̀. Ọkọ̀ ṣí ní 9:10, Anytime dé òpin ọ̀nà jẹ́ £90, Off-Peak sì jẹ́ £40, ṣùgbọ́n 9:30 ni Off-Peak bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ yẹn dúró ní ìlú kékeré kan ní 9:41. Ẹ ra Anytime dé ìlú kékeré yẹn ní £12, kí ẹ ra Off-Peak láti ibẹ̀ dé òpin ọ̀nà ní £34. £46 ni gbogbo rẹ̀. Kò pọn dandan kí ẹ sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ dúró níbẹ̀. Tó bá kàn kọjá lọ, tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì ò bá òfin mu. Ẹ tún wo àmì tíkẹ́ẹ̀tì kejì, kó má lọ jẹ́ ìgbà tí ọkọ̀ dé ni òun ń kà.

Tí ẹ bá wá ṣèèṣì wọ ọkọ̀ olówó gíga pẹ̀lú Off-Peak, ẹ̀kúnwó ni wọ́n yóò gbà, ìyẹn ìyàtọ̀ tó wà láàárín iye tí ẹ san àti tíkẹ́ẹ̀tì tó pọ́ọ́kú jù tó bá ọkọ̀ yẹn mu. Advance, ìyẹn tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń rà sílẹ̀ ṣáájú, kò rí bẹ́ẹ̀ o, nítorí ọkọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n dá a mọ́.

Nínú Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rọ̀ rọrùn díẹ̀. Fún ẹni tó ń fi Oyster tàbí káàdì báńkì wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀, aago 6:30 sí 9:30 òwúrọ̀ àti 4:00 sí 7:00 ìrọ̀lẹ́ ni owó gíga, Mọ́ńdè sí Fúráìdè. Ìgbà tí ẹ fi káàdì kan ẹ̀rọ níbi tí ẹ ti wọlé ni wọ́n ń kà, kì í ṣe ìgbà tí ẹ jáde, nítorí náà ẹ óò rí i tí àwọn kan ń dúró lẹ́bàá géètì ní 9:28. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti ìta Zone 1, ìyẹn àárín gbùngbùn ìlú, wá sínú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, owó kékeré ló ń san, torí pé òdìkejì ni èrò ń lọ. Àfi ìrìn àjò láàárín Zone 1 àti Heathrow: owó gíga ni nígbà gbogbo, bó jẹ́ ọ̀gànjọ́ òru.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ní 16-25 Railcard, káàdì ẹ̀dínwó àwọn ọ̀dọ́, aago 10:00 ni tiyín. Láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, láàárín aago 4:30 àti 10:00 òwúrọ̀, tíkẹ́ẹ̀tì Anytime tàbí Off-Peak tí ẹ bá fi í rà kò lè dín ní £12, àyàfi ní oṣù Keje àti Kẹjọ. Off-Peak lè ti bẹ̀rẹ̀ ní 9:30 kí £12 yẹn ṣì jẹ́ ààlà ẹ̀dínwó káàdì yín títí di aago mẹ́wàá.