Nọ́ọ̀tì méjì jẹ 80 pọ́ùn lọ́wọ́ mi

Táyà méjì tí mo rà, 140 pọ́ùn ni, ìyẹn ò dùn mí, táyà ni mo fi owó rà mo sì rí táyà. Àmọ́ 80 pọ́ùn tí mo san kí wọ́n tó lè yọ táyà àtijọ́ kúrò lára mọ́tò, ìyẹn ni inú ṣì ń bí mi sí títí di báyìí o.

Àbúrò ìyàwó mi ló ń ṣe ọjọ́ìbí 50 ọdún ní Mánṣẹ́sítà lọ́jọ́ Sátidé, àwa márùn-ún la máa wọ mọ́tò láti Pẹ́kàmù níbí, ó lé ní 200 máìlì. Nígbà tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè mo ní ẹ jẹ́ n yẹ mọ́tò yìí wò, kó má lọ dójú tì mí lórí M6.

Ti ọ́ìlì ò ní ariwo. Mo páàkì síbi tó tẹ́jú, ẹ́ńjìnnì ti kú fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo fa gééjì ọ́ìlì yọ, mo nù ún, mo tì í bọ̀ padà kí n tó wá wò ó, ó wà láàárín àmì méjèèjì, mi ò bu ẹ̀kán kan kún un. Omi inú ike rádíétọ̀ ló ti rẹlẹ̀ díẹ̀ sí àmì ìsàlẹ̀, mo dúró kí ẹ́ńjìnnì tutù pátá, mo po kúláǹtì mọ́ omi ní ìdajì-ìdajì, mo dà á sí i. Omi ẹ̀rọ lásán tí a máa ń dà sí i nílé, òtútù ìlú yìí á sọ ọ́ di yìnyín nínú ẹ́ńjìnnì. Iná bíréèkì ńkọ́? Kò sẹ́ni tó fẹ́ bá mi dúró sínú atẹ́gùn, mo bá fi ìdí mọ́tò sún mọ́ ògiri, mo tẹ bíréèkì, mo ń wo pupa lára ògiri nínú díńgí, méjèèjì tàn. Iná tó ń tàn sí nọ́ńbà ẹ̀yìn ló kú, gílóòbù 3 pọ́ùn, mo pààrọ̀ rẹ̀ fúnra mi, mo wá ń ṣe bí ẹnjiníà.

Ó wá ku táyà. Òfin ìlú ibí ní ilà ojú táyà ò gbọdọ̀ jìn tó kéré sí 1.6 mìlímítà, ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin tó wà ní àárín ojú táyà, yípo rẹ̀ pátá. Ohun tí gbogbo èèyàn ń ṣe ni kí wọ́n ki kọ́ìnì 20 pẹ́nì bọ inú ilà yẹn, tí o bá ṣì ń rí etí kọ́ìnì tó yí i ká, kí o yáa lọ wọ̀n ọ́n dáadáa. Mo dúró síta, mo ki kọ́ìnì bọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, etí ẹ̀ wọlé, mo ní ó ti parí. Ibẹ̀ ni mo ti ṣi í, torí ìhà ìta tí ojú mi tó nìkan ni mo wò.

Àfi ìgbà tí mo fẹ́ gbé mọ́tò padà sí àyè ẹ̀, mo yí sitíárìn dé òpin, mo sọ̀ kalẹ̀ láti wo bí mo ṣe páàkì, mo rí ìhà inú táyà iwájú, ó ń dán bí orí apárí! Mo ní gééjì kékeré kan tí wọ́n fi ń wọn ilà táyà, mo mú un jáde. Ìhà ìta 4 mìlímítà, àárín 3, ilà tó tẹ̀lé etí inú jẹ́ 1.3, etí inú fúnra ẹ̀ ò ní nǹkan kan mọ́. Ìbú ojú táyà yẹn tó sẹ̀ntímítà 16, ìyẹn ni pé 12 tó wà láàárín ni òfin ń wò, ó yọ 2 sílẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì. Etí tó ń dán yẹn bọ́ sínú 2 tí wọ́n yọ sílẹ̀, èèyàn lè bá wọn jiyàn lórí ẹ̀ tí wáyà inú ò bá tíì yọ síta, ṣùgbọ́n ilà 1.3 yẹn, sẹ̀ntímítà 4 ló fi jìnnà sí etí. Kò sí àwáwí. Táyà kejì náà ò sàn jù ú lọ. Owó ìtanràn lè tó 2,500 pọ́ùn lórí táyà kan ṣoṣo, pẹ̀lú póìntì 3 lórí láísẹ́ńsì, èmi sì ní méjì.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta táyà, aago márùn-ún ti kọjá, aago mẹ́fà ni wọ́n ń tì. Ọmọkùnrin tó dá mi lóhùn, ọmọ Ìbàdàn ni, ó gbé jáàkì sí i, ó tú nọ́ọ̀tì mẹ́rin, ó wá dúró. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ nọ́ọ̀tì karùn-ún." Kọ́kọ́rọ́ kẹ̀? Ó fi hàn mí. Nínú nọ́ọ̀tì márùn-ún tó wà lára wíìlì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ojú ẹ̀ yàtọ̀, wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí olè má baà lè tú u, irin kékeré kan ló wà fún un, láìsí irin yẹn sípánà kankan ò lè mú un.

Mo tú píjíọ̀nùhóòlù, mo tú búùtù, mo kó kúlà àti aṣọ ẹbí sílẹ̀ lójú títì, mo gbé sípíà táyà sókè, abẹ́ jáàkì, abẹ́ síìtì, kò sí. Mo pe ẹni tó ta mọ́tò fún mi, ó ní ó wà nínú ẹ̀ nígbà tí òun gbé e fún mi. Mo pe àwọn tó ń ta pàátì irú mọ́tò náà, wọ́n ní kí n gbé e wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè kí àwọn wo ojú nọ́ọ̀tì, kí àwọn tó lè béèrè èyí tó bá a mu. Mọ́ńdè! Ìyàwó mi ń pè ní gbogbo ìṣẹ́jú márùn-ún: "Bàbá Tólú, ṣé ẹ̀ ń bọ̀ ṣá?"

Ìgbà yẹn ni mo wá rántí pé nínú oṣù kejì ẹnì kan lẹ páńṣà fún mi lójú ọ̀nà, òun ló tú wíìlì kẹ́yìn, mo sanwó mo gbéra, mi ò béèrè kọ́kọ́rọ́ padà. Bóyá ó ṣì wà lórí sípánà ẹ̀ níbẹ̀.

Ọmọ Ìbàdàn ní ọ̀nà kan ṣì wà àmọ́ 40 pọ́ùn ni lórí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan. Ó mú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan tí inú ẹ̀ ní eyín bíi ti ayùn, ó fi òòlù gbá a wọ orí nọ́ọ̀tì títí ó fi gé wọ inú irin, ó wá fi ọ̀pá gígùn yí i. Sọ́kẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ yọ̀ bọ́rọ́, kò mú nọ́ọ̀tì, ó tún gbá èyí tó kéré jù ú lọ, ó dún kẹ́ẹ́ bí ẹni pé nǹkan já, ó sì tú. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ló lò lórí nọ́ọ̀tì méjì, táyà tuntun fúnra wọn ò gbà ju ogún ìṣẹ́jú. Mo bínú títí, mo tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ torí ó ti yẹ kó ti lọ sílé.

Ní àárọ̀ Sátidé, kí mọ́tò tó gbóná, mo fẹ́ táyà sí 32 níwájú, 36 lẹ́yìn, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn dírẹ́bà fún ìgbà tí ẹrù bá kún. A dé, a jó.

Ní Mọ́ńdè ni mo lọ ṣe àláímẹ́ńtì, 50 pọ́ùn míì, torí ẹsẹ̀ iwájú ti ń ya síta bíi ti pẹ́pẹ́yẹ, ohun tó jẹ inú táyà nìyẹn, ihò ojú títì kan tí mo kó sí lọ́dún tó kọjá ni mo fura sí. Tí mi ò bá ṣe é, tuntun náà á jẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn onípàátì náà ti wo nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn, wọ́n ti béèrè kọ́kọ́rọ́, 28 pọ́ùn, ó di Tọ́sìdé. Torí méjì ṣì wà lẹ́yìn o, ọ̀kan lára wíìlì kọ̀ọ̀kan, tí táyà ẹ̀yìn bá fi pa páńṣà kó tó di ọjọ́ náà, ọ̀dọ̀ ọmọ Ìbàdàn ni mò ń padà sí.