Wọ́n yọ owó mi lẹ́ẹ̀mejì lórí ọjà kan: bí mo ṣe gbà á padà

Ọjà 18,500 náírà ni mo rà, 37,000 ló kúrò nínú àkáǹtì mi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fi káàdì san án, ẹ̀rọ pí-ó-ẹ́sì tẹ rìsíìtì tó kọ DECLINED pẹ̀lú kóòdù 91 jáde, síbẹ̀ àlẹ́ẹ̀tì dé pé báǹkì ti yọ owó. Ọlọ́jà ní òun kò rí kọ́bọ̀. Mo tún un san, ó wọlé.

Òótọ́ lọlọ́jà sọ, ẹ má bá a jà. Kóòdù 91 yẹn ni pé ẹ̀rọ kò gbọ́ èsì báǹkì yín lásìkò. Báǹkì lè ti yọ owó, kí èsì rẹ̀ sọnù lójú ọ̀nà. Ó yẹ kí ẹ̀rọ ránṣẹ́ padà pé kí báǹkì dá owó náà padà, ṣùgbọ́n bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá dára, iṣẹ́ yẹn náà lè má dé. Owó á wá há sáàárín àwọn báǹkì.

Láti oṣù kẹfà ọdún 2020 ni Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti fi wákàtí 72 lélẹ̀ fún dídá irú owó pí-ó-ẹ́sì báyìí padà. Mo fẹjọ́ sun báǹkì mi, mo dúró. Èsì tí wọ́n fún mi bí mi nínú gidigidi: wọ́n ní ọlọ́jà ti fún mi lọ́jà, ẹjọ́ ti parí!

Ohun tó fà á rèé. Báǹkì mi ní láti bi báǹkì tó ni ẹ̀rọ léèrè bóyá owó wọlé. Iye owó àti ọjọ́ nìkan ni mo kọ sínú ẹ̀sùn mi. Káàdì kan náà, iye kan náà, ẹ̀rọ kan náà: èyí tó wọlé ni wọ́n rí, òun ni wọ́n fi dáhùn èyí tí kò wọlé.

RRN ló yanjú rẹ̀. Nọ́ńbà oní-díjíìtì 12 ni, ó wà lára rìsíìtì, ìsanwó kọ̀ọ̀kan ló sì ní tirẹ̀. Mo tún ẹ̀sùn kọ: RRN méjèèjì, aago 4:12 àti 4:16, TERMINAL ID tí í ṣe nọ́ńbà ẹ̀rọ náà, àti sítéétímẹ́ǹtì tó fi ìyọwó méjì hàn. Mo kọ ọ́ gbangba pé èyí aago 4:12 ni mò ń béèrè. Ọjọ́ iṣẹ́ kejì, owó mi wọlé. Mo mọ ẹjọ́ mi í rò!

Ẹ ya fọ́tò rìsíìtì lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí yíǹkì rẹ̀ máa ń parẹ́. 8 àti 3 ti fẹ́ jọra lórí tèmi. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí báǹkì kò yanjú rẹ̀, ẹ kọ̀wé sí Báǹkì Àpapọ̀ ní cpd@cbn.gov.ng, kí ẹ fi nọ́ńbà ẹ̀sùn yín sí i.

Ká ní mo mọ̀ ni, 18,400 ni ǹ bá fi káàdì san lẹ́ẹ̀kejì, kí n fún ọlọ́jà ní 100 lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tí ì bá ka ìsanwó méjèèjì sí ọ̀kan.